Wọ́n tún kọ ìpolówó tíì mi: ṣé kí n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tíì tí wọ́n fi ń dín ikùn kù ni mò ń tà. Ohun tí mo kọ sínú ìpolówó mi rèé: «Ṣé ikùn rẹ ti yọ jù? Kílò 10 á lọ láàárín ọjọ́ 14, láìṣe eré ìdárayá.» Mo fi fọ́tò oníbàárà kan sí i, ọ̀kan kó tó máa mu tíì, ọ̀kan lẹ́yìn tó mu ún. Fesibúùkù ní kò bófin mu. Mo yọ kílò 10 kúrò, mo tún un gbé jáde, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Oníbàárà náà wà láàyè, fọ́tò rẹ̀ sì ni lóòótọ́. Ṣé kí n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni, àbí kí n jáwọ́?

Ọmọ Ọjà: Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe èèyàn. Ẹ kọ «k!lò» dípò «kílò», kí ẹ sì fi àkáǹtì tuntun gbé e jáde. Á kọjá.

Bọ̀dá Alátúnṣe: Àbúrò, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ ìpolówó wò. Ṣùgbọ́n má fi èyí tó kù kọ́ wọn. Kí èèyàn fi àmì pa ọ̀rọ̀ dà, tàbí kó ṣí àkáǹtì tuntun láti fi gbé ohun tí wọ́n kọ̀ gbà, jìbìtì ni wọ́n ń kà á sí. Ìpolówó tí wọ́n kọ̀ ṣeé tún ṣe. Àkáǹtì tí wọ́n bá torí jìbìtì tì ṣòro gbà padà.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká tú ìpolówó yín wò. «Ṣé ikùn rẹ ti yọ jù» ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ẹ mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ìlànà Fesibúùkù kò fẹ́ kí ìpolówó máa nàka sí ara tàbí àìsàn ẹni báyẹn. Fọ́tò méjèèjì náà ní wàhálà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni. Kì í ṣe pé wọ́n pè yín ní onírọ́. Ìlérí tí fọ́tò yẹn ń ṣe fún ẹlòmíì ni wọ́n ń wò, torí ẹnì kan lè mu ún kó fọn, kí ẹlòmíì mu ún kó má fọn rárá.

Nígbà tí ẹ yọ kílò 10, ṣé ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ìwé tí ẹni tó bá tẹ ìpolówó náà ń bọ́ sí?

Ìyá Ìbejì: Ó ṣì wà níbẹ̀ o! Òun ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú fọ́tò náà. Ṣé wọ́n ń dé ibẹ̀ ni?

Bọ̀dá Alátúnṣe: Wọ́n ń dé ibẹ̀ dáadáa. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló fa ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ tún ojú ìwé yẹn ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọ ìpolówó tó ń sọ nípa tíì, tí kò sọ nípa ikùn ẹni tó ń kà á: ewé tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sè é, iye ife tó wà nínú páálí kan. Páálí àti ife ni kí ẹ yà. Ẹ sì má jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18.

Bí ẹ bá ti tún un ṣe, kò sí ẹjọ́ kankan láti pè. Àtúnṣe yẹn fúnra rẹ̀ ló ń dá a padà fún àyẹ̀wò, èsì sì sábà máa ń dé láàárín wákàtí 24. «Request review» wà fún ìpolówó tí ẹ kò fọwọ́ kàn, tó dá yín lójú pé wọ́n ṣì í mú. Ẹni tó ń ta ṣòkòtò ìdárayá, tí wọ́n kà á mọ́ olóògùn ìsanra, ó ní ẹjọ́. Kó kọ gbólóhùn méjì péré: aṣọ ni mò ń tà, kò sí ọ̀rọ̀ ìsanra nínú ìpolówó tàbí lójú ìwé mi. Ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú kò wúlò níbẹ̀. Tíyín kò rí bẹ́ẹ̀.

Alọ́tí: Èmi náà ní tèmi. Wáìnì ni mò ń tà. Gúgù kọ «Eligible (limited)» sí ìpolówó mi. Ìgbà wo ni kí n pe ẹjọ́ tèmi?

Bọ̀dá Alátúnṣe: Ẹ ò lẹ́jọ́, sà. Wọn ò kọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ọtí wà lára ohun tí wọ́n fi ààlà sí, ibi tí òfin ti gbà á àti ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀. Bí wọ́n bá kọ òmíràn pátápátá lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní kí ẹ yan «Made changes to comply with policy» tàbí «Dispute decision». Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ti tún nǹkan ṣe, èkejì jẹ́ ti ẹni tó ní kò sí àṣìṣe. Ẹ yan èyí tó bá jẹ́ òótọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ńkọ́, láìsí fọ́tò? «Ara mi fúyẹ́ sí i» péré.

Bọ̀dá Alátúnṣe: Mo ti rí irú ẹ̀ tó kọjá, mà.

Ọmọ Ọjà: Ti ẹ̀gbọ́n mi kò kọjá o, ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́.

Bọ̀dá Alátúnṣe: Ó ṣeé ṣe. Kí ni wọ́n kọ sójú ìwé tiwọn?