Ọ̀pá páàdì mi ń yà fúnra rẹ̀: kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra tuntun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá òsì páàdì géèmù mi, ẹni tí mò ń darí á máa rìn lọ sósì. Mo fi sípíríìtì fọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ló fi sàn. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ojú kábọ́ọ̀nù tí irin kékeré inú rẹ̀ ń rìn lórí ti họ, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ fa ìlà. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ kò fi ràn án.

Ọ̀pá oní-mágnẹ́ẹ̀tì wà, kò ní ohun tó ń ha ara wọn, ṣùgbọ́n kí n tó lè fi í sí i, ẹsẹ̀ 14 ti ọ̀pá àtijọ́ ni mo máa yọ́ lẹ́ẹ̀dì kúrò lára wọn, mi ò sì ṣe é rí. Bátìrì àti bọ́tìnnì yòókù ṣì dára.

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ṣé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bíi tèmi dán an wò, àbí kí n ra páàdì tuntun? Ẹ ṣé púpọ̀ ṣáájú.