Ẹ gbà mí o, ikùn yìí ò gbọ́ kírọ́ńṣì!

Arẹwà Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ojúde Ọba ń bọ̀, ẹgbẹ́ wa ti ra aṣọ, mo ti sanwó, télọ̀ wá ní òun ò ní gé búbá mi àfi tí ikùn mi bá dúró sójú kan. Ẹ gbọ́ àfojúdi! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin náà ń bi mí pé oṣù mélòó ni. Àràárọ̀ ni mò ń fẹ̀yìn lélẹ̀, tí mò ń gbé orí àti èjìká sókè, tí mò ń ṣe igba kírọ́ńṣì. Ọrùn ń dùn mí, ikùn ń ta mí, kò dín. Kí ni kí n tún ṣe?

Màmá Ṣàgámù: Ọmọ mi, fi náílọ́ọ̀nù di í kó o tó ṣe é, kó làágùn dáadáa.

Kóòṣì Ìperu: Màmá, omi ni òógùn, tó bá ti mumi ó ti padà nìyẹn. Àǹtí, iṣan ló ń ta yín, kì í ṣe ọ̀rá. Iṣan kì í jẹ ọ̀rá tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ara bá ń wá agbára, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń rí ọ̀rá tó ti apá, itan, ẹ̀yìn àti ikùn wá; ara fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ibi tó máa kọ́kọ́ fọn. Lọ́dún 1984, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin kan ṣe irú eré ìdárayá yìí ju 5,000 lọ láàárín ọjọ́ 27. Wọ́n yọ ọ̀rá díẹ̀ wò níkùn, lẹ́yìn àti nídìí wọn. Ti ikùn ò dín ju ìyókù lọ. Igba kírọ́ńṣì ò sì jó agbára tó wà nínú ife gaàrí kan.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Mo wí! Oúnjẹ ni. Kírọ́ńṣì ò wúlò rárá.

Kóòṣì Ìperu: Ó wúlò, ó ń mú iṣan le. Kò kàn lè tọ́ka ibi tí ọ̀rá máa ti lọ ni.

Bàbá Ọ̀dọ̀gbolú: Èmi fi bíà sílẹ̀. Ṣòkòtò mi tú nídìí, ọrùn mi fọn, ikùn ṣì jókòó bíi gbẹ̀du. Ìyàwó mi ní kí n má bínú.

Arẹwà Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ má bú mi o. Èmi kì í jẹun alẹ́, gaàrí lásán ni mo ń mu, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà. Ẹni tó ń fún ìbejì lọ́yàn ò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá gbórí sókè, nǹkan á yọ gọngọ láàárín ikùn mi.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ: Ìbejì kẹ̀? Ìgbà wo lẹ bí wọn?

Arẹwà Ìjẹ̀bú-Òde: Wọ́n á pé oṣù márùn-ún láìpẹ́. Kí nìyẹn kàn?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ: Ó kàn án gan-an. Ẹ fi kírọ́ńṣì sílẹ̀ ná. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbórí sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìka tẹ òkè ìdodo. Tí àyè tó ju ìka méjì lọ bá wà láàárín iṣan méjèèjì, wọn ò tíì padà pàdé látìgbà oyún nìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n á kọ́ yín ní èyí tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe.

Arẹwà Ìjẹ̀bú-Òde: Ìka mẹ́ta wọlé o! Ṣé ó máa pa dé kó tó di Ojúde Ọba?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ: Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Ẹ ní kí télọ̀ fẹ búbá náà.