Èlé orí ìwé àti yíìdì ojú ọjà: ṣé ọ̀rọ̀ kan ló yẹ ká pè wọ́n?

Atúmọ̀-èdè, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ kan lórí bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ àwọn tó bá rà á. Mo pe kúpọ́ọ̀nù ní èlé, mo sì pe yíìdì náà ní èlé, àmọ́ gbólóhùn kan ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́: “Bí èlé bá gòkè, iye bọ́ǹdì á wálẹ̀.” Ta ni yóò ka èyí tí kò ní rò pé àṣìtẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí n lò?

Oníṣirò, Èkó:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé àdéhùn ni ọ̀kan, ìdíyelé sì ni èkejì. Kúpọ́ọ̀nù ni owó tí ìjọba kọ sórí ìwé pé òun yóò máa san. Nígbà tí bọ́ǹdì ṣì jẹ́ bébà, ńṣe ni ẹni tó ni ín máa ń fi àlùmọ́gàjí gé abala kékeré létí ìwé náà, tí yóò sì fi í gba owó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í san yíìdì ní tirẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹni tó fẹ́ ra bọ́ǹdì fi ń dín owó ọjọ́ iwájú kù ni, kó tó mọ iye tó yẹ kí òun san lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ǹdì kan tí owó tí wọ́n kọ sójú ìwé rẹ̀ jẹ́ ₦100, tí kúpọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 12% lọ́dún, tó sì ku ọdún méjì gééré kí ìjọba dá owó náà padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń san án, nítorí náà ₦6 ni yóò máa wọlé ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, nígbà mẹ́rin, ₦100 yóò sì bá ti ìkẹyìn wá. Ká sọ pé ọjà ń béèrè 16% lónìí, ìyẹn 8% fún oṣù mẹ́fà. ₦6 àkọ́kọ́ kò tó ₦6 lójú ẹni tó ń rà á, torí pé ₦5.56 tó bá fi sí ibòmíràn ní 8% lónìí ni yóò di ₦6 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. ₦6 méjì tó tẹ̀ lé e á jẹ́ ₦9.91 lápapọ̀, ₦106 ìkẹyìn á sì jẹ́ ₦77.91 péré.

```
P = 6/1.08 + 6/1.08^2 + 6/1.08^3 + 106/1.08^4 = 93.38
```

Ẹ wo ibi tí yíìdì wà nínú ìṣirò yìí: ìdí ìpín nìkan ló wà. 6 àti 106 tó wà lókè kò yí padà, torí àdéhùn ti dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ohun tí a fi ń pín bá ti ń tóbi sí i, ohun tí ìpín ń mú jáde á máa kéré sí i. Bí ọjà bá ń béèrè 12% gẹ́lẹ́, ₦100 ni ẹ ó rí. Bó bá ń béèrè 8%, ₦107.26 ni.

Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta:
Mo fara mọ́ ọn pé ká yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ohun tó le. Ẹni tó san ₦93.38 ń gba ₦12 lọ́dún. Ẹ pín 12 sí 93.38, ẹ ó rí 12.85%. Yíìdì nìyẹn, “èlé orí owó tí a san” sì ni orúkọ tó bá a mu.

Oníṣirò, Èkó:
Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ìdajì rẹ̀ lẹ mú. Ẹni tó san ₦93.38 yóò gba ₦100 lọ́jọ́ ìdápadà, ₦6.62 yẹn náà sì wà nínú ohun tí ọjà ń béèrè. Ẹ pín in sí ọdún méjì, ó di ₦3.31 lọ́dún. Ẹ fi kún ₦12, kí ẹ wá pín àròpọ̀ wọn sí ìlàjì 93.38 àti 100, ẹ ó rí nǹkan bíi 15.8%. Ìyókù tí kò jẹ́ kó pé 16% wá láti inú bí ọjọ́ tí owó ń wọlé ṣe jìnnà síra. Nítorí náà, “títí dé ọjọ́ ìdápadà” kò gbọdọ̀ sọnù nínú orúkọ tí a bá fún un.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Mo ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń sanwó fún mi. Rédíò ní èlé bọ́ǹdì ti gòkè, síbẹ̀ iye kan náà ló ń wọlé sí àkáǹtì mi. Ta ló ń jẹ àfikún tó tọ́ sí mi?

Oníṣirò, Èkó:
Mà, kò sẹ́ni tó jẹ yín ní kọ́bọ̀. Yíìdì ni rédíò ń sọ. Tiyín ti wà nínú àdéhùn láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ kúrò ní 11.5% ní oṣù Karùn-ún 2022, títí ó fi dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024. Láàárín àsìkò náà, ní oṣù Kejì 2024, ìjọba gbé bọ́ǹdì tuntun jáde, ti ọdún méje ní 18.50%, ti ọdún mẹ́wàá ní 19.00%. Ẹni tó ní ti àtijọ́ tó ń san 12% kò lè rí i tà ní ₦100 mọ́, nígbà tí tuntun tó sàn jù ú lọ wà nílẹ̀. Àfi kó dín owó rẹ̀ kù.

Bí ẹ kò bá tà á títí dé òpin, owó yín pé. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tà á lágbedeméjì, ẹ wo iye ọdún tó kù: bọ́ǹdì 12% tí mo fi ṣàpẹẹrẹ, ká ní ọdún mẹ́wàá ló kù fún un, ₦80.36 ni yíìdì 16% yóò fà á wálẹ̀ sí. Owó tó jìnnà ni ìpín máa ń jẹ jù.

Atúmọ̀-èdè, Ìbàdàn:
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì gan-an ni mo ń bẹ̀rù. “Èlé” tí a fi pe méjèèjì ló ṣì wọ́n lọ́nà. Màá lo “èlé àdéhùn” fún kúpọ́ọ̀nù, kí n sì pe yíìdì ní “ìwọ̀n èrè títí dé ìdápadà”. Gbólóhùn mi á wá di: “Bí ìwọ̀n èrè tí ọjà ń béèrè bá gòkè, iye tí wọ́n ń ta bọ́ǹdì tí èlé àdéhùn rẹ̀ ti dúró á wálẹ̀.”

Akọ́mọlédè, Lọ́ńdọ̀nù:
“Èlé àdéhùn” dára. “Èrè” ni mi ò gbà. Ohun tó ti tẹ ènìyàn lọ́wọ́ ni èrè. Bí Ọ́fíìsì Àbójútó Gbèsè l'Ábùjá bá tún bọ́ǹdì àtijọ́ gbé wá sọ́jà, yíìdì ni àwọn olùrà ń dá lé e, láti ara yíìdì tó bá sì borí ni wọ́n ti ń ṣírò iye tí olúkúlùkù yóò san. Nígbà yẹn, ta ló ti jèrè? “Ìwọ̀n ìdíyelé” ni kí ẹ pè é.

Oníṣirò, Èkó:
Ẹ ti rí nǹkan níbẹ̀. Kódà ẹni tó rà á ní ₦93.38, tó sì dì í mú dé òpin, kò ní rí 16% gan-an àyàfi tó bá ń rí ibi fi ₦6 kọ̀ọ̀kan sí ní 16% bó ṣe ń wọlé. Àmọ́ “ìdíyelé” kò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé ohun tí olùrà ń retí fún owó rẹ̀ ni.

Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta:
Ẹ jẹ́ kó jẹ́ “èrè ìrètí”, nígbà náà. Mo gba ti ₦6.62 yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé “ìdíyelé” yóò yé ọlọ́jà.