Ẹ bá mi wo ímeèlì yìí kí n tó fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń ya lógò wa

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ la ń ṣe l'Abẹ́òkúta, ìyá mi ló máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àrà sórí aṣọ. A gbé iṣẹ́ lógò fún ejẹ́ńsì kan, wọ́n fi mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lánàá, kò sì sí èyí tó bá wa mu. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. A ò ní lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lébù ọrùn aṣọ wa ò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, òwú funfun kan ṣoṣo la fi ń hun ún sórí búlúù, torí náà ìlà tín-ín-rín inú àkọ́kọ́ máa pa rẹ́, àwọ̀ tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ nínú ìkejì ò ṣeé hun. Fọ́ǹtì ìkẹta ò ní ẹ àti ọ, ẹ kàn lẹ àmì mọ́ abẹ́ lẹ́tà ni. Ìlà tó nípọn, tí etí ẹ̀ ò gún régé bíi tìyẹ́, la fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ya á ní dúdú àti funfun, níwọ̀n lébù yẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àdéhùn gbà wá láyè àtúnṣe, mi ò fẹ́ fi ọ̀kan ṣòfò rárá. Ṣé kí n fi fọ́tò aṣọ ìyá mi kún un, àbí wọ́n á kàn da àrà ìyá mi kọ ni? Ṣé "a ò ní lè lo" yẹn ò le jù?