Ìlàjà ni àbí ìṣerẹ́gí?

Akọ̀wé Kàbà: Ọ̀kun o gbogbo ilé. Àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì fún wa láti Lọ́kọ́ja fi sìtétímẹ́ǹtì ìparí oṣù ránṣẹ́, wọ́n ní a jẹ ₦486,000, lẹ́jà tiwa ní ₦351,000. Ọ̀gá fẹ́ rípọ́ọ̀tù ẹ̀ ní Yorùbá. Kí la máa pe iṣẹ́ tí a fi ń mú méjèèjì bára mu, kí la sì máa pe owó tó wà láàárín?

Tíṣà Mọ̀pà: Ìlàjà ni jàre, ìwé méjì ń jà, ẹ là wọ́n. Owó àárín ni ìyàtọ̀. 135,000 yẹn sì rèé, 9 pín in géérégé, ẹnì kan ló gbé nọ́ńbà síwá sẹ́yìn, ẹ lọ wá a.

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Tíṣà, ìlàjà ò lọ níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá làjà, tọ̀tún tòsì á gbà fúnra wọn díẹ̀díẹ̀, ìwé owó ò mọ ìyẹn, kọ́bọ̀ tó bá sọnù a gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ìṣerẹ́gí lèmi máa kọ. Akọ̀wé, owó tẹ́ ẹ san kẹ́yìn, ṣé ó wà nínú tiwọn?

Akọ̀wé Kàbà: Háà, tíránsífà ₦90,000 tá a ṣe lọ́jọ́ tóṣù parí, kò sí níbẹ̀.

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Ó ku 45,000. Ẹ mú ínfọ́ìsì níkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi wá a, torí iye owó kan náà lè wà lórí méjì.

Akọ̀wé Kàbà: Mo ti rí i! ₦94,000 ló wà lórí ínfọ́ìsì, ₦49,000 la kọ sí lẹ́jà.

Tíṣà Mọ̀pà: Ṣé mo sọ àbí n ò sọ?

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ sọ, àmọ́ 9 pín 90,000 náà, ẹnikẹ́ni ò sì ṣì í kọ. Ìdí tí ọ̀rọ̀ kan ò fi tó nìyí. Mo máa pe ₦90,000 ní ìyàtọ̀ ọjọ́, ẹ ò ní fọwọ́ kan ìwé yín, ẹ fi rìsíìtì báǹkì hàn wọ́n kẹ́ ẹ sì ṣọ́ sìtétímẹ́ǹtì oṣù tó ń bọ̀, tí kò bá tíì jáde ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́ sórúkọ oníbàárà míì. ₦45,000 ni àṣìkọ, ẹ tún lẹ́jà ṣe, á di ₦396,000. Ẹ yọ 90,000 nínú tiwọn wò.

Ìyá Ìsánlú: Èmi dá sìmẹ́ǹtì tó ti dì padà, mo yọ owó ẹ̀ nínú ìwé mi, oṣooṣù ni wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sí mi lọ́rùn. Kí lẹ pe ìyẹn, olè?

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Ìyá, ṣé wọ́n fún yín ní kírẹ́dìtì nóòtì?

Ìyá Ìsánlú: Dírẹ́bà wọn ló kàn kó o sẹ́yìn ọkọ̀.

Tíṣà Mọ̀pà: Ẹ ò rí i, ìyẹn nílò ìlàjà!

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Níbẹ̀ yẹn mo gbà fún yín. Ìyá, ẹ bi dírẹ́bà bóyá ó buwọ́ lu ìwé kankan.

Akọ̀wé Kàbà: Kírẹ́dìtì nóòtì náà ńkọ́, ṣé ìwé ìdápadà ni kí n kọ?

Ìyá Ìsánlú: Tó bá jẹ́ owó ni wọ́n dín fún èèyàn ńkọ́, tí ọjà ò padà síbì kankan?