Àbọ̀ lórí ológbò mi tó ń ju oúnjẹ sílẹ̀

"Ológbò mi á sáré débi oúnjẹ, á gbé e sẹ́nu, á tún jù ú sílẹ̀. Kí ló ń ṣe é?"

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìbéèrè yìí. Mo ní kí n wá jábọ̀ kí n tó ti ọ̀rọ̀ yìí: eyín ni.

Ẹni tó ní kí n wo bóyá àgbọ̀n ológbò náà ń gbọ̀n ló mọ̀ ọ́n. Dókítà ẹran fi irin tín-ín-rín kan eyín kan nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹran ìdí eyín ti hù bo ihò pupa kékeré. Oògùn oorun ti kun ológbò, síbẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n rìrì! Ẹ́síréè fi hàn pé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ eyín náà, àti òmíràn tí ojú lásán kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Wọ́n yọ méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n máa fọ eyín rẹ̀, ó dáa fún ìdọ̀tí eyín, ṣùgbọ́n kì í wo ihò yìí. Ìrora ni ǹ bá fi kún un. Ẹni tí ológbò tirẹ̀ ń pọ irun jáde, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí èyí.

Oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ báyìí, ó sì ń lá abọ́ mọ́. Tí ojú ọgbẹ́ bá jinná, màá fi aṣọ wé ìka bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìhà eyín tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ eyín ti ológbò, torí kò mọ itọ́ tu.

Mo bi dókítà ohun tó fà á. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dájú, eyín mìíràn sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.