Àwọn ọmọ mi kọ ohun tí ojú wọn rí, ẹ̀sámínà fún wọn ní òdo. Ta ni mo lè fẹjọ́ sùn?

Tíṣà Ọ̀gbìn
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Látìgbà tí ìwé ìdánwò àfọwọ́ṣe iṣẹ́ ọ̀gbìn àwọn ọmọ mi ti padà dé ni inú mi ti bàjẹ́. Ìdánwò àjọṣe ni, ilé-ìwé mìíràn ni ẹ̀sámínà ti wá. Ó pẹ́ kó tó dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Tábìlì tí wọ́n to nǹkan sí ń mì, kò jẹ́ ká wá nǹkan fi tì í. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù.

Níbi iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fún wọn ní yanrìn, lóòmù àti amọ̀, gíráàmù 100 nínú àrọ kọ̀ọ̀kan, òwú ní ìdí àrọ. Kí wọ́n da omi mílílítà 100 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn èyí tó jò sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ èyí tó di omi mú jù. Wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Omi 76 jò nínú yanrìn, 54 nínú lóòmù, 69 nínú amọ̀. Nítorí náà wọ́n kọ ọ́ pé lóòmù ló di omi mú jù, torí 46 ló kù sínú rẹ̀, 31 péré ló kù sínú amọ̀.

Ìwé máàkì tó tẹ̀lé ìwé wọn ní amọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Òdo fún ìlà amọ̀, òdo fún títò wọn, òdo fún ìdí tí wọ́n sọ. Máàkì 5 nínú 10 ti lọ. Ọmọ kan tí kò tiẹ̀ fọwọ́ kan àrọ, tó kàn rántí ohun tó há sórí, ló gba 10! Ṣé bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nìyẹn?

Kúnlé
Ẹ má bínú o, sà. Àwọn ọmọ yín ló ṣi àrọ mú. Ta ni kò mọ̀ pé amọ̀ ló ń di omi mú jù? Lóòmù ni wọ́n pè ní amọ̀.

Tíṣà Ọ̀gbìn
Ẹ ò sí níbẹ̀. Amọ̀ yẹn pupa, lóòmù dúdú, a sì lẹ orúkọ mọ́ àrọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogún ò lè ṣi nǹkan kan náà mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá Tèmi
Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tèmi náà, níbi ewé àgbàdo. Ewé náà ní ìlà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ funfun tó ń já, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó. Ọmọ mi kọ ọ́ pé àìní naitírójìn ni, wọ́n fi ìlà pa á. Mo bínú títí.

Alàgbà Máàkì
Màmá Tèmi, ọmọ yín kò rí i dáadáa ni. Àìní naitírójìn máa ń kọ́kọ́ hàn lára ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó. Láti ṣóńṣó ni yóò ti máa pọ́n, yóò sì gba àárín ewé wọlé bíi ṣóńṣó ọ̀kọ̀. Ìlà tó ń já, tó sì wà lára ewé tuntun, àìsàn tí kòkòrò kékeré tó ń fò ń gbé kiri ni.

Tíṣà, ẹ dákun, ìbéèrè kan. Báwo ni amọ̀ yẹn ṣe rí kí ẹ tó dà á sínú àrọ? Ṣé ẹ gún un, ṣé ẹ sẹ́ ẹ?

Tíṣà Ọ̀gbìn
Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí mo lè kọ lẹ́tà sí. Ṣé ọ̀gá ilé-ìwé ni, àbí alága ìgbìmọ̀ ìdánwò?

Sadé
Tíṣà, ẹ kọ sí alága. Ìwé máàkì yìí kò ní àánú. Ọmọ mi kọ "ẹ pa epo sí ọkọ́" fún ìtọ́jú ọkọ́, wọn ò fún un ní nǹkan kan. Wọ́n ní kó sọ pé irin rẹ̀ ni kí a pa epo sí, kó má baà dógùn-ún. Ta ló ń pa epo sí èèkù?

Kúnlé
Àmọ́ ọmọ ò kọ irin, Àǹtí. Ẹ̀sámínà ò lè ka ọkàn ọmọ.

Alàgbà Máàkì
Mo ti máàkì ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí, mi ò fẹ́ kí Tíṣà kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín. Ẹ dá mi lóhùn, sà. Amọ̀ yẹn ńkọ́?

Tíṣà Ọ̀gbìn
Ó dára. Ilé-ìwé wa ló pèsè iyẹ̀pẹ̀. Ìwé ìtọ́ni ní ká sá a kó gbẹ, a sá a sóòrùn, ó gbẹ kanrankanran. Wọn ò sọ pé ká gún un. Ògúlùtu ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó àtàǹpàkò. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ohun tí wọ́n ní ká ṣe la ṣe.

Alàgbà Máàkì
Ibẹ̀ gan-an ni. Ihò ńláńlá wà láàárín ògúlùtu, omi gba ibẹ̀ sáré kọjá kó tó ráyè wọnú amọ̀. Amọ̀ kì í mumi kíá. Ẹ mú ògúlùtu kan nínú àrọ yẹn, ẹ fọ́ ọ sí méjì. Bí ara rẹ̀ bá tutù, tí àárín rẹ̀ sì gbẹ bí ìyẹ̀fun, ẹ̀rí yín nìyẹn.

Tíṣà Ọ̀gbìn
Ọmọbìnrin kan fọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó sì pè mí wá wò ó. Àárín rẹ̀ gbẹ, erùpẹ̀ ń jábọ́. Mo ní kó lọ jókòó, torí ẹ̀sámínà ń wò wá.

Kúnlé
Ṣé ẹ rí i? Ilé-ìwé yín ló fa á. Ẹ̀sámínà ò jẹ̀bi.

Alàgbà Máàkì
Kúnlé, ó jẹ̀bi díẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́ ló pèsè iyẹ̀pẹ̀. Nínú ìdánwò kẹ́mísìrì, olùkọ́ máa ń fi ohun èlò kan náà ṣe tirẹ̀, iye tó bá rí ni wọn yóò fi máàkì ti àwọn ọmọ. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ níbí. 100 yọ 69, 31 ló kù, ìṣirò wọn tọ́. Títò wọn náà bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu. Máàkì ìdí nìkan ni mi ò lè gbèjà, bí wọn ò bá mẹ́nu kan ògúlùtu.

Sadé
Bí ẹ̀sámínà bá ń fún ọmọ ní máàkì torí ohun tó rí nìkan, ẹni tó rí àṣìṣe náà á gbà á nìyẹn o.

Tíṣà Ọ̀gbìn
Mo gún amọ̀ tó ṣẹ́kù, mo sẹ́ ẹ, mo tún un ṣe. Omi tó jò títí tí agogo fi lù jẹ́ 38. 62 ló wà nínú amọ̀ nìyẹn! Màá fi í sínú lẹ́tà.

Alàgbà Máàkì
Ẹ dúró ná. Ṣé ó ti dákẹ́ kíkán? Ṣé omi dúró lórí amọ̀ náà?

Tíṣà Ọ̀gbìn
Ó ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀. Omi wà lórí rẹ̀, ó tó ìka kan.

Alàgbà Máàkì
A jẹ́ pé ẹ má kọ 62. Omi tó dúró lórí rẹ̀ kò tíì wọnú amọ̀. Ẹ fi nǹkan bo àrọ kó má gbẹ, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, títí yóò fi dákẹ́ kíkán, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ to méjèèjì sínú lẹ́tà, ti ògúlùtu àti ti èyí tí ẹ gún, kí ẹ sì sọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn rí.

Kúnlé
Ìyẹn náà fi hàn pé kò ṣeé parí láàárín wákàtí ìdánwò. Ṣé wọn ò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìbéèrè náà ni?

Tíṣà Ọ̀gbìn
Mo ti bò ó. Màá ní kí ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó rí, kí n fi í mọ́ lẹ́tà sí alága. Máàkì ìdí yẹn náà, màá béèrè fún un.